Bí Oníṣòwò Kékeré Ṣe Ń Yan Háṣítáàgì àti Ọ̀rọ̀ Ìwárí: Àpẹẹrẹ Aládìrẹ Kan ní Ìtòkú

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Odindi oṣù mẹ́jọ ló fi ń gbé àwòrán aṣọ sórí Instagram lójoojúmọ́, tó sì ń to háṣítáàgì bíi 25 sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan: #love, #instagood, #fashion, #explorepage, #naija. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ọjà ń tẹ ọkàn pupa sí i, ṣùgbọ́n àjèjì tó máa béèrè pé "èló ni" kò yọjú. Lọ́jọ́ kan, mo gba fóònù ọ̀rẹ́ mi tí kò mọ ẹ̀gbọ́n mi rí, mo tẹ "adire in abeokuta" síbi ìwárí. Mo wò ó wò ó títí ó fi sú mi, n kò rí i. Àárín ọjà àdìrẹ gan-an ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà o.

Àwòrán rẹ̀ kò burú rárá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó fẹ́ ra àdìrẹ tó máa tẹ "love". Ohun tí a ṣe láti tún un ṣe ni mo kọ sísàlẹ̀ yìí, ní ìpele mẹ́fà. Instagram ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò kékeré wà.

Ohun tí ẹ nílò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Àkáǹtì Instagram tí ẹ ti yí sí ti oníṣòwò, tí kò sì sí ní títì. Bí àkáǹtì bá wà ní títì, kò sí háṣítáàgì tó lè fi àwòrán yín han ẹni tí kò tẹ̀ lé yín.
- Ìfiránṣẹ́ WhatsApp oṣù méjì tó kọjá, pàápàá ti àwọn oníbàárà tuntun.
- Fóònù ẹlòmíì, ẹni tí kì í wo ojú-ewé yín. Fóònù tiyín ti mọ ohun tí ẹ fẹ́ràn, ohun tí ẹ fẹ́ rí ló sì máa ń gbé wá.
- Ìwé àti bírò, àti nǹkan bíi wákàtí méjì tí ẹnikẹ́ni kò ní yọ yín lẹ́nu.

Ìpele 1: Ẹ kó ọ̀rọ̀ jọ láti ẹnu oníbàárà

Ẹ ṣí WhatsApp, kí ẹ wá ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí oníbàárà tuntun kọ̀ọ̀kan bá yín sọ. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn ṣe pàtàkì nítorí pé ẹ kò tíì kọ́ ọ ní orúkọ tí ẹ̀yin ń pe ọjà yín. Bó ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni kí ẹ ṣe dà á kọ. Bó bá kọ "addire", ẹ kọ "addire". Bó bá kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má túmọ̀ rẹ̀.

Ẹ fa ìlà sí ìwé yín kó di apá mẹ́ta. Apá kìíní wà fún orúkọ tí wọ́n pe ọjà náà, èkejì wà fún ibi tí wọ́n dárúkọ, ẹ̀kẹta wà fún ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ọ̀rọ̀ tó bá tún yọjú, ẹ sàmì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ìfiránṣẹ́ 40 ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi yẹ̀ wò. Òun alára, àdìrẹ ẹlẹ́kọ àti àdìrẹ oníko ló máa ń sọ, ó sì mọ orúkọ ọnà kọ̀ọ̀kan: Ìbàdàndùn, Olókun, gbogbo rẹ̀. Orúkọ wọ̀nyí ló ń kọ sábẹ́ àwòrán. Ṣùgbọ́n nínú 40 yẹn, 19 sọ "adire" lásán, 14 sọ "kampala", 11 sì dárúkọ "bubu". Àwọn míì dá méjì pọ̀. Ẹni méjì péré ló sọ "ẹlẹ́kọ", kò sì sí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ ọnà kankan. Ní apá kẹta, "aso ebi" àti "5 yards" ló pọ̀ jù, lẹ́yìn wọn ni àwọn tó fẹ́ rà lọ́pọ̀ kí wọ́n lè tún un tà, wọ́n sì kọ "wholesale".

Ibí ni inú ti bí ẹ̀gbọ́n mi díẹ̀. Ó ní kàǹpálà kì í ṣe àdìrẹ, pé àbẹ́là àti aró òyìnbó ni wọ́n fi ń ṣe é. Òtítọ́ ni ó sọ nípa bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ó ń ta méjèèjì, ẹni tó sì fẹ́ ra kàǹpálà kò lè rí i bí ọ̀rọ̀ náà kò bá sí níbì kankan lójú-ewé rẹ̀.

*Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìnà:* Wọ́n á wá fi orúkọ ọjà kan pe òmíràn kí oníbàárà lè rí wọn. Ẹ má kọ "adire eleko" sábẹ́ kàǹpálà. Àwọn tó ń tẹ "eleko" kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń wá, wọ́n sì máa ń san owó rẹ̀. Bí aṣọ bá dé ọwọ́ wọn tí wọ́n rí i pé kì í ṣe ẹ̀kọ láfún ni wọ́n fi ya ọnà rẹ̀, ẹ ti pàdánù wọn. Orúkọ gidi wà fún aṣọ tó ni ín nìkan.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti tó:* Ẹ bi ẹnì kan tó ti ra ọjà lọ́wọ́ yín rí pé, "Bí nọ́ńbà mi bá sọnù mọ́ ọ lọ́wọ́, kí lo máa tẹ̀ kí o tó tún rí mi?" Ẹ bi ẹni mẹ́ta bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ bá ti wà nínú ìwé yín, ẹ tẹ̀ síwájú. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ padà sínú WhatsApp.

Ìpele 2: Ẹ dán ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wò, kí ẹ mọ ẹni tó ni ín

Ìpele yìí ló ń gba àkókò jù, òun ni ọ̀pọ̀ sì máa ń fò. Ẹ mú fóònù ẹlòmíì yẹn, ẹ lọ síbi ìwárí Instagram, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ kìíní nínú ìwé yín. Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ parí, ẹ wo àwọn gbólóhùn tó ń já wálẹ̀ fúnra wọn. Ẹ kọ èyí tó bá ọjà yín mu sílẹ̀, nítorí wọ́n jẹ́ àpẹẹrẹ bí àwọn ẹlòmíì ṣe ń so ọ̀rọ̀ pọ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wọlé síbi èsì, kí ẹ wo àwòrán mẹ́sàn-án àkọ́kọ́. Òdiwọ̀n témi ni pé, bí mẹ́fà nínú mẹ́sàn-án bá jọ ohun tí ẹ ń tà, ọ̀rọ̀ náà jẹ́ tiyín. Bí kò bá tó mẹ́fà, ẹlòmíì ló ni ín.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa. Ẹni 14 ló sọ "kampala", a sì rò pé a ti rí ọ̀rọ̀ tó máa gbà wá là. A tẹ̀ ẹ́, a rí ilé gogoro, mọ́tò, òde ijó àti ọkùnrin tó wọ kóòtù. Kampala ni olú-ìlú Uganda! Ẹni tó bá tẹ #kampala ń wá ìlú, kì í ṣe aṣọ. Ká ní a kọ ọ́ sábẹ́ aṣọ wa lójoojúmọ́, àárín àwọn ará Uganda tí kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú Ìtòkú la ó máa já sí. "Bubu" náà rí bẹ́ẹ̀: orúkọ ìkẹ́ ni fún ọ̀pọ̀ èèyàn lágbàáyé, ológbò àti ọmọ ọwọ́ la rí níbẹ̀.

Ẹ má ju ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nù, torí oníbàárà ń lò ó. Ẹ fún un ní ẹnìkejì tó máa mú un padà sílé. "Kampala fabric" mú aṣọ jáde. "Adire bubu" àti "bubu gown" mú aṣọ jáde. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sábà máa ń gbòòrò jù fún oníṣòwò kékeré. Ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta tó so pọ̀ ló ń mú ẹni tó ti ṣe tán láti ra nǹkan wá.

Ọ̀ràn àmì ohùn tún wà, èyí tó kan àwa Yorùbá gan-an. Ẹ tẹ "àdìrẹ" pẹ̀lú àmì, ẹ tún tẹ "adire" láìní àmì, kí ẹ fi èsì méjèèjì wéra lórí fóònù yẹn. Ohun tó dájú ni pé bátánì ọ̀pọ̀ fóònù kò ní ẹ àti ọ tó ní àmì lábẹ́, nítorí náà oníbàárà kì í fi àmì sí i. Mo fẹ́ràn kí a kọ èdè wa bó ṣe yẹ, mo sì ń ṣe é. Ohun tí mo ń ṣe ni pé nínú háṣítáàgì àti ní ìlà àkọ́kọ́, n kì í fi àmì sí i. Láti ìlà kejì lọ, mo ń kọ Yorùbá pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Ẹni tó ń wá nǹkan á rí wa, ẹni tó ń kà á á sì gbádùn rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ méjì wéra síwájú sí i, Google Trends wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ yan Nigeria, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ méjèèjì. Nọ́ńbà 0 sí 100 tó ń gbé jáde kì í ṣe iye èèyàn o; ó ń fi hàn bí ìwárí ṣe ga sí tí a bá fi wé ìgbà tó ga jù lọ ni. Fún ọ̀rọ̀ tó kéré tàbí ìlú kan ṣoṣo, ó lè má ní ohun tó tó láti fi hàn yín. Ẹ má torí ìyẹn gbà pé kò sẹ́ni tó ń wá a.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ìpele yìí ti ṣiṣẹ́:* Ọ̀rọ̀ mẹ́jọ sí méjìlá ló kù lọ́wọ́ yín, ọ̀kọ̀ọ̀kan ti yege nínú ìdánwò àwòrán mẹ́sàn-án. Bí ó bá ju 20 lọ, ẹ ń ṣàánú ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí ẹ ṣàánú.

Ìpele 3: Ẹ so ọ̀rọ̀ náà mọ́ ibi tí ẹ wà

Ìpele yìí kò gùn. Àwọn èèyàn máa ń kọ #nigeria tàbí #lagos nítorí pé ibẹ̀ lèrò pọ̀ sí. Ẹni tó wà ní Pánṣẹ́kẹ́, l'Abẹ́òkúta, tó fẹ́ aṣọ lónìí kò ní tẹ "Nigeria". Ìlú yín ni kí ẹ kọ, lẹ́yìn náà ọjà tàbí àdúgbò tí àjèjì mọ̀. Ní tiwa, "Abeokuta" ni ìlú, "Itoku" sì ni ọjà, torí pé ará Èkó tó fẹ́ wá ra àdìrẹ mọ orúkọ Ìtòkú. Orúkọ òpópónà wa kò wúlò fún ìwárí. Inú àdírẹ́ẹ̀sì nìkan ló wà.

Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá gbé àwòrán, ẹ fi orúkọ ibi náà sí i níbi tí Instagram ti ń béèrè rẹ̀. Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ tí oníbàárà gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, bí irun dídì tàbí aṣọ rírán, àdúgbò ṣe pàtàkì fún yín ju tiwa lọ. Ẹ jẹ́ kó hàn dáadáa.

Ìpele 4: Ẹ fi ọ̀rọ̀ síbi tí ìwárí ti ń kà á

Háṣítáàgì kọ́ ni ohun àkọ́kọ́. Instagram ṣàlàyé ní 2021 pé ìwárí rẹ̀ ń fi ohun tí èèyàn tẹ̀ wé orúkọ àkáǹtì, ọ̀rọ̀ ìfara-ẹni-hàn, ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán, háṣítáàgì àti ibi. Orúkọ ni ọ̀pọ̀ kì í lò dáadáa.

Orúkọ méjì ni àkáǹtì yín ní. Èyí tó ní @ ni orúkọ ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èkejì ni èyí tí lẹ́tà rẹ̀ dúdú dáadáa lórí ojú-ewé yín, tí a ń pè ní Name. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù kan náà ni ẹ̀gbọ́n mi tún kọ síbẹ̀. Àjèjì kò mọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù, kò lè tẹ̀ ẹ́. Ẹ tẹ Edit profile, ẹ wọ Name, kí ẹ kọ ohun tí ẹ ń tà àti ìlú yín. Ohun tí a kọ rèé:

```
Adire Fabric in Abeokuta
```

Ẹ rò ó dáadáa kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, torí ẹ̀ẹ̀mejì péré ni Instagram gbà kí ẹ yí Name padà láàárín ọjọ́ 14.

Ọ̀rọ̀ ìfara-ẹni-hàn, Bio, kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà 150 lọ. Ẹ má fi kún un pé "Ọlọ́run ló ń ṣe é" tàbí "a ń ta ohun tó dára". Ọjà, ibi, àti bí wọ́n ṣe ń rà á ni kí ẹ kọ:

```
Adire eleko, kampala fabric ati bubu gown
Itoku Market, Abeokuta
5 yards si oke | A n fi ranse kaakiri Naijiria
```

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀sẹ̀ yìí á san wá." Àdúrà tó dára ni, ó sì lè wà ní ìsàlẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́ ni ẹni tó ń wá nǹkan ń rí kó tó pinnu bóyá kó ka ìyókù. Ẹ fi ọjà àti ibi síbẹ̀, bí ẹni ń sọ̀rọ̀:

```
Adire bubu gown alawo aro, Itoku, Abeokuta.
Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni, ẹ̀kọ láfún la fi ya ọnà rẹ̀.
```

Iye owó, ìwọ̀n, àti bí a ṣe ń fọ̀ ọ́ tẹ̀ lé e.

*Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìnà:* Wọ́n á to ọ̀rọ̀ bí ẹni to ìgò: "adire adire fabric adire abeokuta adire cheap". Oníbàárà tó bá ka irú èyí á rò pé ẹni tó ń lu jìbìtì ni. Ẹ̀ẹ̀kan ni kí ẹ dárúkọ ọjà ní ìlà àkọ́kọ́, kí ẹ wá lo orúkọ rẹ̀ míì níbi tó bá ti bọ́ sí i.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti dára:* Ẹ fi ojú-ewé yín han ẹni tí kò mọ̀ yín fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, kí ẹ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ bi í pé kí ni ẹ ń tà, ìlú wo ni ẹ wà. Bí ó bá dáhùn méjèèjì, ó ti dára.

Ìpele 5: Ẹ wá yan háṣítáàgì márùn-ún

Láti December 2024 ni Instagram kò ti gbà kí èèyàn tẹ̀ lé háṣítáàgì mọ́. Nígbà tí èèyàn ṣì lè tẹ̀ lé e, háṣítáàgì ń gbé àwòrán yín lọ bá ẹni tí kò wá yín. Ní báyìí, ohun tó kù fún un ni láti sọ ohun tí àwòrán náà jẹ́ àti láti yọ síta fún ẹni tó wá a. Ìdí nìyẹn tí kíkó 25 jọ kò fi ní àǹfààní. Láti 2021 ni Instagram fúnra rẹ̀ ti ń gbani nímọ̀ràn pé kí èèyàn lo 3 sí 5. Ẹ dúró ní 5.

Nínú ọ̀rọ̀ tó yege ní Ìpele 2, ẹ mú ọ̀kan tó so ọjà mọ́ ìlú, méjì tó sọ irú ọjà tó wà nínú àwòrán yìí gan-an, ọ̀kan fún ibi, àti ọ̀kan fún ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe tàbí orúkọ tí àwọn amọ̀ràn ń pè é. Fún bubu ẹlẹ́kọ òkè yìí, ohun tí a lò nìyí:

```
#AdireAbeokuta #AdireBubu #BubuGown #AbeokutaVendor #AdireEleko
```

Lẹ́tà ńlá inú rẹ̀ kò yí ìwárí padà. Ojú ló ń ràn lọ́wọ́. Nígbà tí a gbé yáàdì kàǹpálà márùn-ún sókè lọ́jọ́ kejì, a yọ #AdireBubu, #BubuGown àti #AdireEleko, a fi #KampalaFabric àti #AdireWholesale sí i. Mẹ́rin péré ni, ó sì tó.

Kí ẹ tó lo háṣítáàgì kankan, ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé, kí ẹ wo bóyá ẹnì kan gbé nǹkan síbẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Bí ó bá jẹ́ pé ọdún tó kọjá ni ẹnì kan ti lò ó kẹ́yìn, kò sí èrò níbẹ̀. Bí Instagram bá sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ti fi àwọn àwòrán kan pa mọ́, ẹ sá fún un, bó ti wù kí orúkọ rẹ̀ dà bí ohun tó dára tó.

*Àwọn àṣìṣe tí mo rí jù:*

Àlàfo, àmì ìdánudúró àti àmì ìsopọ̀ máa ń gé háṣítáàgì. Ẹni tó kọ ìlà kìíní yìí rò pé òun kọ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n #ready nìkan ni Instagram kà:

```
#ready-to-wear
#readytowear
```

Òmíràn ni fífi háṣítáàgì sínú ọ̀rọ̀ ìdáhùn dípò abẹ́ àwòrán gan-an. Àlàyé Instagram ní 2021 sọ ọ́ kedere pé abẹ́ àwòrán ni kó wà bí ẹ bá fẹ́ kí ìwárí rí i. Èyí tó sì dùn mí jù ni fífi orúkọ ṣọ́ọ̀bù ṣe háṣítáàgì. Ẹni tó mọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù yín ti rí yín tán. Ẹ ti fi àyè kan nínú márùn-ún ṣòfò.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó tọ́:* Ẹ bo àwòrán náà pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ ka háṣítáàgì márààrún fún ẹnì kan. Bí ó bá lè sọ ohun tó wà lábẹ́ ọwọ́ yín, wọ́n tọ́.

Ìpele 6: Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò

Ẹ má yí ohunkóhun padà kí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó pé. Bí ẹ bá ń yí i lójoojúmọ́, ẹ kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Nígbà tó bá pé, ẹ ṣí Insights lábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo ìpín àwọn tó wò ó tí wọn kì í tẹ̀ lé yín. Èyí ni nọ́ńbà tó kan ìwárí. Ẹ má jẹ́ kí ọkàn pupa tàn yín. Ẹ tún tẹ ọ̀rọ̀ yín lórí fóònù ẹlòmíì yẹn, kí ẹ wò bóyá ẹ ti yọjú. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú Google pẹ̀lú, torí láti July 2025 ni àwòrán àkáǹtì oníṣòwò tó wà ní gbangba ti lè hàn níbẹ̀, àyàfi bí ẹ bá pa á nínú ètò àkáǹtì yín.

Ìwọ̀n tó dájú jù lọ ni ẹnu oníbàárà. Ẹ bi gbogbo ẹni tuntun tó bá kọ̀wé sí yín pé, "Ẹ ṣeun o. Níbo lẹ ti rí wa, kí lẹ tẹ̀?" Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé yín. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́, ẹni mẹ́fà ló sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé orí Instagram làwọn ti wá a rí. Mẹ́rin tẹ ohun tó jọ "adire in abeokuta", ọ̀kan tẹ "kampala fabric". Mẹ́fà kò pọ̀, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́jọ tó kọjá kò mú ẹnì kan wá.

Ẹnì kẹfà ní "adire for aso ebi" lòun tẹ̀, ìgbéyàwó àbúrò òun ní Ọbantókò ló ń bọ̀. "Aso ebi" wà nínú ìwé wa láti Ìpele 1, a kàn fò ó nítorí a rò pé ó gbòòrò jù. A padà sí Ìpele 2, a dán "adire aso ebi" wò, mẹ́jọ nínú mẹ́sàn-án jọ ọjà wa. Ó ti gba ipò #AbeokutaVendor lábẹ́ gbogbo aṣọ tí a ní ju yáàdì 50 lọ, torí ìlú ti wà nínú #AdireAbeokuta tẹ́lẹ̀.